Ẹ̀yin ìyá, báwo lẹ ṣe já ọmọ yín lẹ́nu ọmú díẹ̀díẹ̀?

Ìyá Àrẹ̀mú (Ìbàdàn)
Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 19 lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì ń mu ọmú bíi ìgbà méje lójúmọ́, ti òru ló wá burú jù, ó lè jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń jẹun dáadáa o. Mo fẹ́ kó ti kúrò lẹ́nu ẹ̀ kó tó pé ọdún méjì, àmọ́ mi ò fẹ́ fi ipá já a gbà. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e wá sí Ìsẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ kan, pé tó bá fi máa padà á ti gbàgbé. Ibo ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ má sunkún jù, kí ọmú tèmi náà má sì wú?

Màmá Ìbejì Ìkòròdú
Ewúro ni o jàre. Fún omi ẹ̀ sórí ọmú, tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì á fi í sílẹ̀ fún ẹ. Ọjọ́ méjì péré ni ti àwọn tèmi. Táyé tiẹ̀ wò mí lójú bíi pé mo jí owó ẹ̀ 😂 àmọ́ kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Inú mi dùn pé ẹnì kan béèrè eléyìí. Oṣù méje ni tèmi, ó ti ń mu ẹ̀kọ, ó ń jẹ ọ̀dùnkún, nọ́ọ̀sì ibi tá a ti ń gba abẹ́rẹ́ ní láti oṣù mẹ́fà ni kéèyàn ti máa já ọmọ lẹ́nu ọmú, mo ti ń dín in kù àmọ́ ó ń rù. Ṣé kí n yára sí i ni àbí kí n rọra?

Agbẹ̀bí Tó Fẹ̀yìntì
Ọmọ Ìjẹ̀bú, dúró ná kó o tó ṣe ohunkóhun. Bóyá ìwọ lo ṣì í gbọ́ tàbí òun ló ṣì í sọ, mi ò mọ̀, àmọ́ ní oṣù mẹ́fà oúnjẹ lèèyàn ń fi kún ọmú, a kì í yọ ọmú kúrò. Ọmú ṣì ni oúnjẹ ẹ̀ gan-an ní oṣù méje, fún un lọ́mú ná kó o tó gbé ẹ̀kọ wá. Tó o bá sì ní ó ń rù, gbé e padà lọ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí, mú káàdì ẹ̀ dání.

Ìyá Àrẹ̀mú, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi ọdún 31 ṣe, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn nìyí. Ọmú ò mọ kàlẹ́ńdà. Ohun tí wọ́n bá gbà lára ẹ̀ ló ń ṣe padà. Tọ́mọ bá ń mu ún nígbà méje, ti ìgbà méje ló máa pèsè sílẹ̀ dè é. Tó o bá wá dá gbogbo ẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wàrà ìgbà méje náà á ṣì wá lọ́jọ́ kejì, kò sì ní sẹ́ni tó máa mu ún, ibẹ̀ ni wíwú àti kókó àti ibà ti ń wọlé. Àmọ́ tó o bá yọ ìgbà kan péré, á kún díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọjọ́ kejì, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin ìkarùn-ún ara á ti gbọ́ pé wọn ò béèrè ti àkókò yẹn mọ́, á dín in kù. Ìgbà yẹn lo tó máa yọ òmíràn. Àwọn kan máa ń dúró ọ̀sẹ̀ kan gbáko láàárín méjì, èmi náà fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọmú ẹ̀ máa ń tètè le.

Èwo lo máa kọ́kọ́ yọ? Èyí tọ́mọ ò kà sí. Ti ọ̀sán ló sábà máa ń jẹ́, èyí tó ń mu torí pé ó rí ẹ tó o jókòó sórí àga tó o máa ń jókòó sí. Má jókòó síbẹ̀ mọ́ lásìkò yẹn. Kó tó béèrè, kí oúnjẹ ti wà níwájú ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ ti jáde sí ìta. Tó bá wá béèrè tó sì ń sunkún tọkàntọkàn, fún un, má bá a jà. Má fi lọ̀ ọ́, má sì fi dù ú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ti kùtùkùtù àti èyí tó fi ń sùn lálẹ́ ni kó o fi kẹ́yìn, torí àwọn yẹn kì í ṣe ti ebi mọ́, ti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni.

Tó bá le, fún díẹ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́, ìwọ̀nba tí ara á fi fúyẹ́. Má fún un tán o! Tó o bá fún un tán, o ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe òmíràn nìyẹn. Rẹ aṣọ sínú omi tútù kó o fi lé e, kó o wọ kọ́mú tó gbé e dúró àmọ́ tí kò fún ẹ. Ọ̀já tí wọ́n ń fi dì í yẹn, má dán an wò.

Ti ewúro, kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ á kọ̀ lọ́jọ́ kan, ọmú ò sì mọ̀ pé ọmọ ti kọ̀. Màmá Ìbejì, ẹ sọ òótọ́ fún wa, báwo lọmú tiyín ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn?

Màmá Ìbejì Ìkòròdú
Hmm. Ká má parọ́, ó le bí òkúta. Mi ò lè gbé apá sókè ya irun mi. Ìyá mi fi omi gbígbóná jó o, ó fi òòyà ya á, mo pariwo débi pé aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó lọ ṣá.

Agbẹ̀bí Tó Fẹ̀yìntì
Òòyà yẹn ni mi ò fẹ́. Ara tó ti wú tẹ́lẹ̀ lẹ tún ń lù. Ẹ rọra fi ọwọ́ pa á bí ẹni pa ìpara, omi tútù ló ń mú wíwú wálẹ̀, gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kéèyàn tó fún un jáde kò burú, àmọ́ kéèyàn máa jó o tàbí máa fi òòyà tẹ̀ ẹ́ wọnú, ó lè dá egbò sílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Tólá Peckham
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ó jọ pé ẹ̀ ń fojú kékeré wo wíwú yìí. Ọmọ mi jẹ́ oṣù 14 nígbà náà, ìsìnkú bàbá mi gbé mi wá sí Abẹ́òkúta fún ọjọ́ 10, mo fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá ẹ̀ ní London, mo ní ó ti tó àkókò náà. Ọjọ́ kẹta ni ọmú ọ̀tún pupa lápá kan, ó gbóná, ó rí bí ìgbà tí wọ́n gé kéèkì sí onígun mẹ́ta. Nígbà tó di alẹ́, òtútù ń mú mi nínú ooru Abẹ́òkúta, eyín mi ń lu ara wọn, gbogbo èèyàn ní ibà ni, wọ́n ra oògùn ibà fún mi. Mo lò ó ọjọ́ méjì kò lọ. Ìgbà tí mo fi máa dé ọsibítù, ó ti ní ọyún nínú, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó wá yà mí lẹ́nu ni pé dókítà ní kí n má dá fífún ẹ̀ dúró, kí n máa fún un jáde títí oògùn á fi ṣiṣẹ́, èmi rò pé kí n fi í sílẹ̀ pátápátá ni. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé ibì kan pupa tó gbóná tí òtútù sì ń mú yín, kì í ṣe ibà lásán, ẹ má fi oògùn ibà tan ara yín.

Agbẹ̀bí Tó Fẹ̀yìntì
Pẹ̀lẹ́ o Tólá. Dókítà yẹn sọ òótọ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kókó tó rọ̀ lẹ́yìn tọ́mọ mu tàbí lẹ́yìn tó o fún un díẹ̀, ìyẹn wàrà ló dúró. Èyí tó wà níbẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná, má jẹ́ kó ju ọjọ́ kan lọ kó o tó lọ. Kókó tí kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kan, tí kò tiẹ̀ dùn ẹ́ pàápàá, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, má kàn ní wàrà ni.

Ìyá Àgbà Òṣogbo
Mo ń kà yín mo ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, gbogbo wọn ló lọ sọ́dọ̀ ìyá mi fún jíjá lẹ́nu ọmú, kò sẹ́ni tó kú nínú wọn, ọ̀kan nínú wọn ló ra fóònù tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Láyé tiwa ọdún méjì ààbọ̀ ọdún mẹ́ta lọmọ ń mu ún, ọkọ ò sì ní sún mọ́ ẹ títí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kánjú, ẹ tún ń sọ pé ìyá ọkọ ò mọ nǹkan.

Agbẹ̀bí Tó Fẹ̀yìntì
Ẹ kú àgbà mà. Èmi ò sọ pé ìyá ọkọ ò mọ nǹkan o. Tó bá jẹ́ ọmọ tó mọ ìyá àgbà ẹ̀ dáadáa, tó ń sùn sọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, ó lè rọrùn. Àmọ́ ọmọ tó máa ń rí wọn lọ́dún lẹ́ẹ̀kan, ìyá àti ọmú ló pàdánù lọ́jọ́ kan náà, omi yí padà, oúnjẹ yí padà, ó sì lè má jẹun. Mo ti rí i tí wọ́n gbé wọn padà wá pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ wo kwashiorkor tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, láti inú èdè Gà ní Ghana lorúkọ yẹn ti wá, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams ló gbé e wọ ìwé ìṣègùn ní 1935, wọ́n ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni àrùn ọmọ tí àbúrò ẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú lójijì tí wọ́n wá gbé ẹ̀kọ àgbàdo lásán fún. Ọmú ló ń fún un ní èròjà tó ń mú ara dàgbà, ẹ̀kọ ò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà Òṣogbo
Àwa fi ẹ̀wà sí i, a fi edé sí i. Ẹ̀kọ lásán ti tálákà ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ìyá Àrẹ̀mú (Ìbàdàn)
Ẹ ṣeun gan-an mà. Ẹ dárí jì mí, ìbéèrè méjì ló kù. Tí mo bá yọ ti ọ̀sán, ṣé kí n ra mílíìkì ọmọdé alágolo yẹn, owó ẹ̀ ti lé kenkà. Èkejì, òru ńkọ́? Ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo bá yí padà báyìí ó ti rí i.

Agbẹ̀bí Tó Fẹ̀yìntì
Má ra alágolo, owó ẹ ni wọ́n ń gbà. Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan lè mu mílíìkì tí gbogbo ilé ń mu, kó ṣáà jẹ́ olọ́ràá tí wọn ò yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀, ka ara páálí ẹ̀ dáadáa torí òróró ọ̀pẹ ló wà nínú àwọn kan. Kọ́ọ̀bù kékeré méjì lójúmọ́ ti tó, nǹkan bíi mílílítà 350 sí 400, inú kọ́ọ̀bù o, kì í ṣe fídà. Tó bá ju ìyẹn lọ kò ní jẹun, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. Kó máa jẹ ẹyin, mọ́ínmọ́ín, ẹja tí wọ́n yọ egungun ẹ̀, ẹ̀kọ tí wọ́n lọ ẹ̀pà tàbí sóyà sí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀ láàárín.

Ti òru, jẹ́ kí àwọn bàbá dáhùn, èmi ò sùn níbẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé
Èmi rèé. Ìyàwó mi gbìyànjú òru yìí oṣù méjì kò ṣeé ṣe torí ọmọ ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Ohun tá a ṣe ni pé a kọ́kọ́ tún alẹ́ tò. Tẹ́lẹ̀ ọmú ló ń mu sùn, a wá gbé ọmú síwájú: wẹ̀, jẹun, mu ọmú ní pálọ̀ tí iná wà ní títàn, fọ eyín, kó tó wọ yàrá. Tó bá ti fọ eyín tán, ọmú ti parí lálẹ́ yẹn. Èmi ni mo wá ń pọ̀n ọ́n, ẹ rẹ́rìn-ín, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀já. Ọ̀sẹ̀ kan la fi ṣe ìyẹn nìkan, a ò tíì fọwọ́ kan òru.

Lẹ́yìn náà màmá ẹ̀ lọ sùn ní yàrá kejì. Tó bá jí èmi ló ń rí. Mo fún un lómi nínú kọ́ọ̀bù, mo ní ọmú ti sùn, mo gbé e mọ́ra. Alẹ́ àkọ́kọ́ ó sunkún bíi ìṣẹ́jú 40, èmi náà fẹ́ẹ̀ sunkún. Alẹ́ kejì kò tó bẹ́ẹ̀. Alẹ́ kẹrin ó mu omi ó padà sùn. Àmọ́ mi ò fi í sílẹ̀ lóun nìkan kó máa sunkún o, mo wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Tólá Peckham
Bàbá Kẹ́hìndé, ọkọ tèmi á ní òun ní ìpàdé láàárọ̀ 🙄

Bísí Aláṣọ
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Èmi lóyún oṣù mẹ́ta, ọmọ mi jẹ́ oṣù 16 ó ṣì ń mu. Gbogbo ilé ní ọmú aboyún á kó àìsàn ran ọmọ, pé kí n gbà á lónìí lónìí.

Agbẹ̀bí Tó Fẹ̀yìntì
Kì í ṣe májèlé. Wàrà máa ń dín kù fúnra ẹ̀ bí oyún bá ti ń tó oṣù kẹrin ìkarùn-ún, adùn ẹ̀ á yí padà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn nígbà yẹn. Nítorí náà o ní àyè láti yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ tìẹ ló ṣe pàtàkì, ẹni mẹ́ta lò ń bọ́ báyìí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o ti bímọ láìtọ́jọ́ rí, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, tàbí inú ń sún ẹ kì tọ́mọ bá ń mu, ọ̀rọ̀ yí padà, bi àwọn tó ń tọ́jú oyún ẹ kó o tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yin tó kù, bẹ́ ẹ ṣe ń yọ ọmú yìí oyún lè tètè dé, kódà kí nǹkan oṣù tó padà, ẹ má sọ pé mi ò sọ fún yín.

Ìyá Àrẹ̀mú (Ìbàdàn)
Mo padà wá jíṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án rèé. Ti ọ̀sán la kọ́kọ́ yọ, kò tiẹ̀ béèrè ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, mo ń gbé e jáde lọ wo adìyẹ aládùúgbò. Ọmú òsì le lọ́jọ́ kejì, mo wọ balùwẹ̀ mo fún bíi ṣíbí ìmùkọ méjì dànù, ó rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì mo yọ ti ìrọ̀lẹ́ tí mo bá dé láti súkúù, ìyẹn le gan-an, torí ìgbà tó bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà ló ń sáré bọ̀ tó ń fa kọ́là aṣọ mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bùbá tí ọrùn ẹ̀ kéré, mo sì ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹta ibà mú un, ó kọ oúnjẹ, ọmú nìkan ló ń gbà. Mo da gbogbo ètò nù, mo fún un bó ṣe fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Mo rò pé a ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àmọ́ nígbà tára ẹ̀ yá ó fi ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Òru, bàbá ẹ̀ gbà á. Ti Bàbá Kẹ́hìndé alẹ́ mẹ́rin, tiwa alẹ́ mẹ́sàn-án. Ìyá ọkọ mi gbọ́ pé a ò wá sí Ìsẹ́yìn, àwọn ni wọ́n wá sí Ìbàdàn, wọ́n ní kí làwọn á máa sọ fún àwọn èèyàn, àwọn ni wọ́n sì ń pọ̀n ọ́n sùn báyìí, ó ti gbádùn ẹ̀yìn wọn ju tèmi lọ.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé inú mi máa bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí òru parí, mo kàn ń sunkún nídìí ìkòkò ọbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo ń sunkún sí, oorun tí mo ń wá látọjọ́ yìí dé, mi ò sì rí i sùn.

Agbẹ̀bí Tó Fẹ̀yìntì
Ó ń ṣẹlẹ̀. Omi ara tó ń mú wàrà wá, òun náà ló ń mú ọkàn balẹ̀, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ara ń mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń le fún ẹni tó bá yára yọ ọ́. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí o ò fẹ́ jẹun mọ́, tàbí èrò burúkú ń wá, má pa á mọ́ra, lọ rí wọn. Kí ló kù báyìí?

Ìyá Àrẹ̀mú (Ìbàdàn)
Ẹkún yẹn ti lọ mà, bíi ọjọ́ mẹ́jọ ló ṣe. Ti ìdájí nìkan ló kù. Aago márùn-ún ààbọ̀, ó máa ń rìn wá sí yàrá mi fúnra ẹ̀, ó máa mu bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin, á wá ní "ó tán". Ó ku bíi oṣù mẹ́ta kó pé ọdún méjì. Òun lè fi í sílẹ̀ lọ́la, mo mọ̀. Èmi ni mi ò tíì ṣe tán.

Màmá Ìbejì Ìkòròdú
Ewúro ṣì wà nílẹ̀ o, mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé 😂